Ìwé Ìyìn fún Nọ́ọ̀sì Ọdún: Kí Ló Ṣe Gan-an?

Ọjọ́ kejìlá oṣù karùn-ún ọdọọdún ni àjọ̀dún àwọn nọ́ọ̀sì káàkiri àgbáyé. Ọjọ́ ìbí Florence Nightingale ni, ẹni tí wọ́n bí ní 1820. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwòsàn wa, ọjọ́ náà ni wọ́n máa ń fún nọ́ọ̀sì ọdún ní àmì-ẹ̀yẹ. Wọn a ta kánópì, wọn a to àga, àwọn ọ̀gá á jókòó síwájú, lẹ́yìn náà ẹnì kan á mú bébà kan jáde, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí a ń pè ní sáítéṣọ̀n. Bébà yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ìwé ìyìn ni n ó máa pè é.

Mo ti jókòó níbi tí wọ́n ti ka ìwé ìyìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń yìn dúró níwájú èrò, ó fi ọwọ́ méjèèjì di báàgì rẹ̀ mú. Wọ́n sọ ìlú tí wọ́n bí i sí, ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó lọ, iye ọmọ tó bí. Wọ́n ní aláàánú ni, òṣìṣẹ́ takuntakun ni, ìyá fún gbogbo ènìyàn ni. Nígbà tí wọ́n parí, ìyá àgbà kan tó jókòó tì mí yíjú sí mi, ó ní, "Ọmọ mi, kí ló wá ṣe gan-an?" N kò rí èsì fún un. Ó dùn mí, nítorí mo mọ nọ́ọ̀sì náà, mo sì mọ ohun tó ṣe lọ́dún yẹn. Ohun náà kò sí nínú bébà yẹn rárá.

Ìbéèrè ìyá yẹn ni ó yẹ kí ìwé ìyìn dáhùn, kí ó sì dáhùn rẹ̀ láàárín ìlà díẹ̀. Àwa Yorùbá mọ bí a ti ń yin ènìyàn, a sì ní oríkì tó ń ṣe iṣẹ́ náà dáadáa. Ṣùgbọ́n oríkì ń sọ ibi tí ènìyàn ti ṣẹ̀ wá àti ohun tí àwọn baba rẹ̀ jẹ́. Ọmọ tí a bí láná pàápàá ní oríkì, kò tíì ṣe iṣẹ́ kankan. Ìwé ìyìn nọ́ọ̀sì ọdún kò gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ó ní láti sọ ìdí tó fi jẹ́ ẹni yìí, àti ìdí tó fi jẹ́ ọdún yìí.

Gbólóhùn mẹ́ta ló máa ń dàpọ̀ mọ́ ara wọn nínú lẹ́tà tí àwọn ará wọ́ọ̀dù fi ń fa orúkọ ẹnì kan kalẹ̀. Àkọ́kọ́ ń sọ ìwà: ó ní sùúrù, ó máa ń rẹ́rìn-ín sí aláìsàn. Èkejì ń sọ ojúṣe: ó máa ń tètè dé, ó ń fún aláìsàn lóògùn lásìkò. Ẹ̀kẹta ni àṣeyọrí: ohun kan wà tó rí báyìí tẹ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ kàn án, ó sì yí padà. Ìwà dára, ṣùgbọ́n àwọn tí wọn kò gba àmì-ẹ̀yẹ náà ní ìwà rere. Ojúṣe ni owó oṣù wà fún. Ẹ̀kẹta yìí nìkan ni ó yẹ kí ó wọ inú ìwé ìyìn, ó sì máa ń jẹ́ gbólóhùn kan ṣoṣo láàárín lẹ́tà ojú ewé kan.

Kí ẹ lè rí bí gbólóhùn àṣeyọrí ti máa ń rí, ẹ wo Màmá Kòfowórọlá Àbẹ̀ní Pratt, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1915. Ẹni tó bá fẹ́ kọ nípa rẹ̀ lè fi ọ̀rọ̀ ìyìn kún odindi ìwé kan, ṣùgbọ́n ìlà mẹ́ta tó: ó kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ilé-ìwòsàn Sẹ́ńtì Tọ́máàsì ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ilé-ẹ̀kọ́ tí Nightingale dá sílẹ̀; òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di mátírọ́ọ̀nù Ilé-ìwòsàn Yunifásítì ní Ìbàdàn, ipò tí àwọn òyìnbó ti ń dì mú tẹ́lẹ̀; ó gba àmì-ẹ̀yẹ Florence Nightingale ti Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa ní 1973. Ẹ ò rí ọ̀rọ̀ bí "aláàánú" tàbí "akínkanjú" níbẹ̀. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ni ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ wò. Síbẹ̀, ìwé ìyìn gbogbo ayé ènìyàn ni ìyẹn. Fún nọ́ọ̀sì ọdún, ọdún kan péré la ń wò, ìyẹn ló sì fi le, nítorí nọ́ọ̀sì kì í sábà di ẹni àkọ́kọ́ nínú ohunkóhun láàárín ọdún kan. Iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú wọ́ọ̀dù, nínú ohun tí a ń kà lójoojúmọ́ tí a sì ń gbàgbé.

Ẹ jẹ́ kí a wá mú àpẹẹrẹ kan, kí a tẹ̀ lé e dé ìparí. Èmi ni mo to àpẹẹrẹ náà jọ, àwọn iye inú rẹ̀ sì jẹ́ ti àpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ ni ìgbìmọ̀ àmì-ẹ̀yẹ máa ń bá pàdé. Lágbájá ni n ó pe nọ́ọ̀sì náà. Wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin ló ti ń ṣiṣẹ́, ibùsùn 28 ló wà níbẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ lẹ́tà ojú ewé kan nípa rẹ̀. Nínú gbogbo rẹ̀, gbólóhùn kan ló dá mi dúró: "Nọ́ọ̀sì Lágbájá ti mú kí egbò ìdùbúlẹ̀ dín kù gan-an ní wọ́ọ̀dù wa." Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ "gan-an" yẹn.

Ẹni tó ń kọ ìwé ìyìn ní láti kọ́kọ́ mọ ohun tí nọ́ọ̀sì náà bá jà. Egbò ìdùbúlẹ̀ máa ń mú ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ padà lórí ibùsùn: ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀, ẹni tí egungun itan rẹ̀ ṣẹ́, arúgbó tí àìsàn ti tán lókun. Ìwúwo ara máa ń fún ẹran ara mọ́ àárín egungun àti ibùsùn, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní rí ọ̀nà gbà kọjá. Tó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹran ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, ìbàdí àti gìgísẹ̀ ló ti máa ń ṣẹlẹ̀ jù. Ìwé àwọn òyìnbó sọ pé àmì àkọ́kọ́ ni pé ojú ibẹ̀ á pọ́n, tí a bá sì fi ìka tẹ̀ ẹ́, kò ní funfun. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, pípọ́n yẹn kì í sábà hàn. Ọwọ́ ni nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ fi kàn án: ṣé ó gbóná tàbí ó tutù ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ṣé ó le tàbí ó rọ̀ jù, ṣé ó dúdú ju bó ti yẹ lọ, ṣé ó ń dun aláìsàn. Nọ́ọ̀sì tó bá ń fi ojú nìkan wá a kò ní rí i títí awọ ara á fi bó.

Ohun tí Lágbájá ṣe kò ná owó púpọ̀. Ó ní kí wọ́n máa yẹ ara gbogbo aláìsàn tí kò lè yí ara rẹ̀ padà wò ní ọjọ́ tó bá dé, kí wọ́n sì máa ṣe é lójoojúmọ́ lẹ́yìn náà. Ó so pákó pẹlẹbẹ kékeré kan mọ́ ẹsẹ̀ ibùsùn kọ̀ọ̀kan, ó fi ìwé sí i lára. Wákàtí méjì méjì ló wà lórí ìwé náà, ẹni tó bá yí aláìsàn padà á kọ "ọ̀tún", "òsì" tàbí "ẹ̀yìn" síwájú wákàtí náà, á sì fọwọ́ sí i. Ó fi òpin sí àṣà kan tó ti pẹ́ ní wọ́ọ̀dù náà: wọ́n máa ń bu omi sínú ìbọ̀wọ́ rọ́bà, wọ́n á dì í lẹ́nu, wọ́n á sì kì í sábẹ́ gìgísẹ̀ aláìsàn bíi ìrọ̀rí. Ìlànà òde òní kò fara mọ́ ọn. Dípò rẹ̀, ó ní kí wọ́n fi ìrọ̀rí sábẹ́ ẹsẹ̀, láàárín orúnkún sí ọrùn ẹsẹ̀, kí gìgísẹ̀ fúnra rẹ̀ má kan nǹkan kan. Ó tún ní kí wọ́n yé ra ojú ibi tó ti ń dúdú, torí pé ríra á tún ba ẹran abẹ́ rẹ̀ jẹ́ sí i. Níwọ̀n ìgbà tó sì jẹ́ pé ẹbí ló ń bá aláìsàn sùn ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwòsàn wa, ó kọ́ ìyàwó, ọmọ àti àbúrò aláìsàn bí a ti ń yí i láìwọ́ ọ lórí aṣọ ibùsùn.

Bí mo ti kọ ọ́ yìí, ó dùn ún kà. Ṣùgbọ́n a kò tíì mọ̀ bóyá egbò dín kù. Ibi tí ọ̀pọ̀ ìwé ìyìn ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n á ka ohun tí nọ́ọ̀sì náà bẹ̀rẹ̀, wọn ò ní sọ ohun tó ti ibẹ̀ jáde.

Ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n gbé ríjísítà wọ́ọ̀dù wá. Ní 2022, kí Lágbájá tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun, egbò ìdùbúlẹ̀ márùn-ún péré ló wà nínú ríjísítà fún odindi ọdún kan. Ní 2024, méjìlá ni. Ẹni tó bá fi méjìlá wé márùn-ún á rò pé ṣe ni nọ́ọ̀sì náà ba wọ́ọ̀dù jẹ́. Ọkùnrin kan nínú ìgbìmọ̀ á sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, kò sì ní jẹ́ ẹni burúkú, ohun tó wà nínú ìwé ló ń kà. Àlàyé ọ̀rọ̀ náà ni pé ní 2022, egbò tó ti ya, tí wọ́n ti ń fi báńdéèjì dì, nìkan ni wọ́n ń kọ sílẹ̀. Kò sí ẹni tó ń fi ọwọ́ wá èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ awọ. Nígbàkígbà tí nọ́ọ̀sì bá kọ́ àwọn ènìyàn bí a ti ń wá nǹkan dáadáa, iye tí wọ́n máa rí á kọ́kọ́ lọ sókè. Ẹ má ṣe fi iye tí ojú tó ń ṣọ́nà rí wé iye tí ojú tí kò wò rí.

Ó ṣe wá lóore pé Lágbájá kà kí ó tó yí nǹkan padà. Láti oṣù keje sí oṣù kejìlá 2023, àyẹ̀wò ojoojúmọ́ ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé ẹsẹ̀ ibùsùn kò tíì sí. Kì í ṣe pé ó ń wo àwọn aláìsàn níran o. Ó ń tọ́jú egbò tó bá rí, àmọ́ ó gbà á lóṣù mẹ́fà kí ó tó kọ́ gbogbo ṣíìfù. Láàárín oṣù mẹ́fà yẹn, 150 aláìsàn tí kò lè yí ara wọn padà ló wọ wọ́ọ̀dù náà, 24 nínú wọn ní egbò lẹ́yìn tí wọ́n dé. Ìwé náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 2024. Ní gbogbo 2024, irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ tó wọlé jẹ́ 300, àwọn tó ní egbò sì jẹ́ 12.

Tí ẹ bá kọ ọ́ pé egbò dín kù láti 24 sí 12, ẹ ti rẹ́ nọ́ọ̀sì náà jẹ, torí oṣù mẹ́fà lẹ ń fi wé oṣù méjìlá. Ẹ pín in sórí 100 aláìsàn. Mẹ́rìndínlógún nínú 100 ni 24 nínú 150. Mẹ́rin nínú 100 ni 12 nínú 300. Láti 16 sí 4. Iye yìí ni ìwé ìyìn ń wá, àwọn èrò abẹ́ kánópì á sì gbọ́ ọ yé ní ẹ̀ẹ̀kan. N kò fẹ́ràn kí wọ́n kọ ọ́ pé "ó dín kù ní ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún", bó tilẹ̀ jẹ́ òótọ́. Wọ́ọ̀dù tí egbò rẹ̀ dín láti mẹ́rin sí ẹyọ kan náà lè sọ ìdá 75, ẹni tó ń gbọ́ kò sì ní mọ ìyàtọ̀. Ẹ sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó dé.

Ohun kan tún wà nínú ríjísítà tí a gbọ́dọ̀ yọ kúrò: egbò tí aláìsàn gbé láti ilé wá. Ẹni tó ti dùbúlẹ̀ nílé fún oṣù méjì kí wọ́n tó gbé e dé, kò yẹ kí wọ́n ka egbò rẹ̀ mọ́ wọ́ọ̀dù lọ́rùn, kò sì yẹ kí jíjinná egbò rẹ̀ di iye tí a fi ń sọ pé egbò tuntun dín kù. Àyẹ̀wò ọjọ́ tí aláìsàn dé ló ń jẹ́ kí a lè ya méjèèjì sọ́tọ̀. Níbi tí kò bá ti sí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, ẹ má kọ iye kankan. Ẹ sọ ohun tí nọ́ọ̀sì náà ṣe ní gbólóhùn kan tó mọ́, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni èyí tí ìgbìmọ̀ kì í sábà bèèrè: kí ni ohun mìíràn tó yí padà ní wọ́ọ̀dù yẹn lákòókò kan náà? Nínú àpẹẹrẹ wa, ìjọba kó fóòmù tuntun wá ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá 2024. Fóòmù tó dára máa ń dín egbò ìdùbúlẹ̀ kù. Ṣé fóòmù ló ṣe é, àbí Lágbájá? A padà sí ríjísítà. Láti oṣù kìíní sí ìparí oṣù kẹsàn-án, kí fóòmù tó dé, àwọn tó ní egbò jẹ́ 10 nínú 220. Ìyẹn kò tó márùn-ún nínú 100. Egbò ti lọ sílẹ̀ kí fóòmù tó wọlé. Lẹ́yìn tó dé, 2 nínú 80 ló ní egbò, ó sì ṣeé ṣe kí fóòmù ní ọwọ́ nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n méjì kéré jù láti fi jẹ́rìí ohunkóhun. A lè kọ orúkọ Lágbájá sílẹ̀ pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀. Ká ní ṣe ni egbò wà ní 15 títí di oṣù kẹsàn-án, tó wá já wálẹ̀ lójijì ní oṣù kẹwàá, ẹni tó ra fóòmù la à bá máa yìn.

Ẹ tún gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ìwé ẹsẹ̀ ibùsùn yẹn jẹ́ òótọ́. Ẹ má bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ lọ sí wọ́ọ̀dù náà ní nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán, kí ẹ wo ìwé náà fúnra yín. Mo ti rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ti kọ aago méjì, mẹ́rin àti mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ sí, tó sì jẹ́ pé ọ̀sán kò tíì pọ́n. Mo ti rí èyí tó jẹ́ pé báírò kan náà, ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà ló kún wákàtí mẹ́rìnlélógún láìsí àyípadà, bí ẹni pé ènìyàn kan kì í sùn. Ìwé tí wọ́n ń lò lóòótọ́ máa ń dọ̀tí. Omi á ti kán sí i, ọwọ́ ìkọ̀wé á yàtọ̀ láti ṣíìfù dé ṣíìfù, á sì ní àlàfo, pàápàá láàárín aago méjì sí mẹ́rin òru. Àlàfo yẹn ló ń jẹ́ kí n gba ìyókù gbọ́.

Ó wá kù kí a mọ ibi tí ọwọ́ Lágbájá dé nínú iṣẹ́ náà. Kì í ṣe òun nìkan ló ń yí 300 aláìsàn padà, bí ìwé ìyìn bá sì sọ bẹ́ẹ̀, inú àwọn tó kù á bàjẹ́, wọ́n á sì tọ̀nà. Ohun tó jẹ́ tirẹ̀ ni pé òun ló dá kíkà náà sílẹ̀, òun ló ṣe ìwé náà, òun ló sì kọ́ nọ́ọ̀sì 14 tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ àti àwọn ẹbí aláìsàn. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ẹ máa fi ya ọwọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀: "ó bẹ̀rẹ̀", "ó ṣe", "ó kọ́". Ọ̀rọ̀ bí "ó darí", "ó kó ipa pàtàkì", "ó lọ́wọ́ nínú" máa ń bo ohun tí ènìyàn ṣe mọ́lẹ̀. Nígbà tí mo bá rí "ó kó ipa pàtàkì" nínú lẹ́tà, ńṣe ni mo máa ń pe ẹni tó kọ ọ́ lórí fóònù, kí ó sọ fún mi ní tààrà: ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ nǹkan náà, ta ló dìde, kí ni ó sì ṣe? Nígbà mìíràn, ẹnu ẹni yẹn á wọlé, a ó sì mọ̀ pé kò sí nǹkan níbẹ̀.

Nígbà tí mo bá béèrè báyìí, àwọn ará wọ́ọ̀dù máa ń fi ìtàn aláìsàn kan dá mi lóhùn. Wọ́n á ní, "Ẹ fi ti ìyá tó wá láti abúlé báyìí báyìí kún un, èyí tí rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú ọkọ rẹ̀." Ìtàn náà á wọni lákínyẹmí ara, mo mọ̀. Ẹ má fi kún un. Láìdárúkọ ìyá náà, abúlé, àìsàn àti ìsìnkú ọkọ ti tó kí gbogbo ará àdúgbò mọ ẹni tí à ń sọ, ọmọ rẹ̀ sì lè wà lábẹ́ kánópì náà. Àṣírí aláìsàn kì í ṣe ti nọ́ọ̀sì láti fi gba àmì-ẹ̀yẹ.

Ohun ìkẹyìn tí a wò nínú fáìlì náà ni bóyá iṣẹ́ náà dúró láìsí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lágbájá gba ìsinmi ọdọọdún ní oṣù kẹjọ 2024. Ìwé ẹsẹ̀ ibùsùn kò dáwọ́ dúró. Ṣáájú ìparí ọdún, wọ́ọ̀dù méjì mìíràn ní kí ó wá kọ́ àwọn náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìwé náà. Lójú mi, èyí lágbára tó iye 16 sí 4 yẹn, torí kò sí ẹni tó máa ń ya iṣẹ́ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu láti wọ́ọ̀dù kejì, àfi tó bá rí i pé ó ń ṣe é láǹfààní.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, fáìlì náà ti tó ojú ewé ogún. Ìwé ìyìn kò gbọ́dọ̀ tó 100 ọ̀rọ̀. Ẹni tó ń ka nǹkan sókè níwájú èrò, pẹ̀lú makirofóònù tó ń hó, kò lè di etí ènìyàn mú ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ kọ́kọ́ sọ àmì-ẹ̀yẹ àti ẹni tó gbà á. Ẹ wá sọ bí nǹkan ti rí tẹ́lẹ̀, ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, bí nǹkan ti rí báyìí, àti ẹni mìíràn tó ń lò ó. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní bébà kan nínú fáìlì tó ń tì í lẹ́yìn. Èyí ni mo kọ:

"A fi àmì-ẹ̀yẹ Nọ́ọ̀sì Ọdún 2024 dá Nọ́ọ̀sì Lágbájá ti wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin lọ́lá. Ní 2023, ó bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ojoojúmọ́ fún gbogbo aláìsàn tí kò lè yí ara rẹ̀ padà, ó sì rí i pé 16 nínú 100 ló ń ní egbò ìdùbúlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ṣe ìwé ìyípadà sí ẹsẹ̀ ibùsùn kọ̀ọ̀kan, ó sì kọ́ nọ́ọ̀sì 14 àti ẹbí àwọn aláìsàn bí a ti ń lò ó. Ní 2024, iye náà di 4 nínú 100. Wọ́ọ̀dù méjì mìíràn ti ń lo ìwé náà."

Mo yọ fóòmù kúrò nínú rẹ̀, torí iye náà ti lọ sílẹ̀ kí ó tó dé, ṣùgbọ́n ó wà nínú fáìlì fún ẹni tó bá bèèrè. Mo fi "lẹ́yìn tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa" sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mú gbólóhùn náà gùn díẹ̀, torí òun ló ya egbò ilé sọ́tọ̀ kúrò lára ti wọ́ọ̀dù. Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ yẹn ń bu ilé-ìwòsàn kù, pé kí ló dé tí a ó máa sọ níwájú kọmíṣọ́nà pé aláìsàn ń ní egbò lọ́dọ̀ wa. Wọ́n á fẹ́ kí a yọ 16 yẹn, kí a fi 4 nìkan sílẹ̀. Tí a bá yọ ọ́, kò sí ohun tí nọ́ọ̀sì náà ṣe mọ́. Ẹni tó gbọ́ 4 nìkan kò ní mọ̀ bóyá ó dára tàbí kò dára.

Nígbà tó bá ku bí ọ̀sẹ̀ kan kí ọjọ́ ayẹyẹ pé, ẹ ka ìwé ìyìn náà fún nọ́ọ̀sì náà fúnra rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń rí àṣìṣe kan: pé nọ́ọ̀sì 14 yẹn, méjì nínú wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ tó ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn, tàbí pé ẹlòmíràn ló mú àbá ìrọ̀rí abẹ́ ẹsẹ̀ wá. Ẹ tún un ṣe. Ẹ wá fún ẹni tí yóò kà á ní tirẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà ńlá, kí ẹ fi àmì ohùn sórí orúkọ nọ́ọ̀sì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ sì jẹ́ kí ó pè é létí yín lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó gun orí pèpéle.